Jánúárì gùn, owó oṣù sì jìnnà

Lọ́dọọdún, kí a tó jáde nínú ìsìn àìsùn ọdún tuntun ni ìpolówó kọ́ọ̀sì ti máa ń gba ojú fóònù wa kan. Wọ́n á ní ọdún tuntun dé, iṣẹ́ tuntun yá. Wọ́n á ní ìdajì owó ni, wákàtí 24 péré ló kù. Èmi náà ń ta kọ́ọ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi Excel ṣe ìwé owó, àti bí wọ́n ṣe ń ka ohun tí nọ́ńbà ń sọ nínú ìwé náà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ta irú ọjà yìí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, nítorí ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tó ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ 1 Jánúárì, tó tì í ní ọjọ́ 5, tí àwọn tó rà á kò kún ọwọ́ kan, tó wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọjà òun ni ò dáa.

Lójú tèmi, ọjà náà dáa. Ọjọ́ tó gbé e jáde ni kò bá àpò àwọn oníbàárà rẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká wo àpò ọ̀hún dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ní Nàìjíríà ló máa ń san owó oṣù Dìsẹ́ńbà ṣáájú Kérésì, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè rí nǹkan fi ṣọdún. Owó oṣù Jánúárì kì í sì í wọlé àfi bí oṣù bá ti ń parí lọ. Tí ẹnì kan bá gbowó ní ọjọ́ 20 Dìsẹ́ńbà, tó tún gba òmíràn ní ọjọ́ 28 Jánúárì, ọjọ́ 39 ló wà láàárín méjèèjì. Inú ọjọ́ 39 yẹn ni owó ọkọ̀ lọ sílé àti àbọ̀ wà, adìyẹ àti ìrẹsì ọdún wà níbẹ̀, aṣọ àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Bí ọdún bá sì ti tán báyìí, sáà kejì iléèwé ti dé, owó iléèwé ti yọjú. Àwọn kan wà tí owó ilé wọn tún pé lóṣù kan náà.

Nítorí náà, ní ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 5 oṣù, ìfẹ́ àtikẹ́kọ̀ọ́ ga ju ìgbàkigbà lọ, owó sì wọ́n ju ìgbàkigbà lọ. Ẹni náà ń tẹ ìpolówó wa, ó ń béèrè ìbéèrè, ó ń sọ pé, "Mò ń bọ̀ ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i." Òótọ́ ló ń sọ. Ó fẹ́ kọ́ ọ. Tí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní ọjọ́ 5, owó oṣù rẹ̀ yóò wọlé ní ọjọ́ 28, ẹlòmíràn ni yóò sì gbé e fún.

Ohun tí mò ń ṣe láti bí ọjọ́ 27 Dìsẹ́ńbà títí di bí ọjọ́ 12 Jánúárì ni pé mò ń kó orúkọ jọ. Ìpolówó mi kò ní kí ẹnikẹ́ni wá sanwó nígbà yẹn. Kíláàsì ọ̀fẹ́ kan ló ń pè wọ́n sí. Tí èèyàn bá béèrè iye tí kọ́ọ̀sì náà jẹ́, mo máa ń sọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí pé olùtajà tó bá ń fi iye ọjà pamọ́ ń fi àkókò òun àti ti oníbàárà ṣòfò. Àkókò yìí tún dáa fún ìpolówó fúnra rẹ̀. Bí gbàǹjo ni wọ́n ṣe ń ta àyè ìpolówó lórí Facebook àti Instagram: gbogbo ẹni tó fẹ́ kí ojú kan náà rí ọjà òun ló ń du àyè yẹn, iye rẹ̀ sì ń ga bí àwọn tó ń dù ú bá ṣe pọ̀ tó. Ní Nòfẹ́ńbà àti Dìsẹ́ńbà, àwọn tó ń ta fóònù, aṣọ, bàtà àti ẹ̀bùn ló kún inú gbàǹjo náà nítorí Búláàkì Fúráìdè àti Kérésì. Bí Kérésì bá ti kọjá, púpọ̀ nínú wọn á jáde, iye á sì máa wálẹ̀. Ẹni tó bá fi gbogbo owó ìpolówó rẹ̀ jó ní Dìsẹ́ńbà láti fi kéde pé Jánúárì ń bọ̀, ó ń bá àwọn olówó ńlá du àyè nígbà tó wọ́n jù. Ẹ má sì gbàgbé pé owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú 100, máa ń gun orí ìpolówó tí a bá san láti Nàìjíríà. Ẹ kà á mọ́ owó tí ẹ fẹ́ ná.

Ibi tí ọ̀pọ̀ orúkọ ti ń bọ́ sọnù rèé. A ti kó èèyàn jọ, a kó wọn sínú ohun tí WhatsApp ń pè ní Broadcast, a fi ọ̀rọ̀ kíláàsì ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lọ gbári. A wá ní àwọn èèyàn ò nífẹ̀ẹ́ sí i mọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Broadcast kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá tíì fi nọ́ńbà wa pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Èèyàn 256 ni àkójọ kan lè gbà, ṣùgbọ́n bí ìdajì wọn kò bá fi nọ́ńbà wa pamọ́, ìdajì yẹn kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wa. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: ẹ fi ìka di ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ mú, ẹ tẹ Info, ẹ ó rí orúkọ àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí orúkọ ẹnì kan kò sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe gan-an pé kò fi nọ́ńbà yín pamọ́. Nítorí èyí, kí n tó fún ẹnikẹ́ni ní líǹkì kíláàsì, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà mi pamọ́, kó sì kọ orúkọ tó fi pamọ́ ọ̀hún sí mi. Ẹni tó bá kọ "Tísà Excel" ránṣẹ́ padà, ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ mi á máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kíláàsì ọ̀fẹ́ náà máa ń bọ́ sí Sátidé kan láàárín oṣù, kì í ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Èmi ò fara mọ́ àṣà kí èèyàn fi gbogbo wákàtí náà sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, kó wá ní kí àwọn èèyàn sanwó kí wọ́n tó mọ ìyókù. Ẹni tó fi Sátidé rẹ̀ sílẹ̀ fún wa gbọ́dọ̀ mú ohun kan tó ti parí lọ sílé. Èyí tí mo máa ń lò ni ìwé owó iléèwé, nítorí oṣù owó iléèwé la wà, àwọn olùkọ́ sì máa ń pọ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ yíṣẹ́ padà. Orúkọ ọmọ wà ní òpó A, kíláàsì rẹ̀ wà ní òpó B, iye tó ti san wà ní òpó C, láti ìlà 2 dé ìlà 60. Ọ̀gá iléèwé fẹ́ mọ iye tí àwọn JSS1 ti san lápapọ̀. Ohun tí a ó tẹ̀ nìyí:

```
=SUMIF(B2:B60,"JSS1",C2:C60)
```

Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n ṣe ti JSS2 àti JSS3 fúnra wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí wọ́n fi wé gbogbo owó tó wà ní òpó C:

```
=SUM(C2:C60)
```

Méjèèjì kì í bára mu. Mo ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo kan sẹ́yìn JSS1 fún ọmọ kan nínú ìwé náà. Ojú èèyàn kì í rí àlàfo yẹn, ṣùgbọ́n Excel kà á sí kíláàsì mìíràn, owó ọmọ náà sì ti já bọ́ kúrò nínú ìṣirò. Wọ́n á wá a, wọ́n á wá a, wọ́n á rí i, wọ́n á nù ún kúrò, nọ́ńbà méjèèjì á wá dọ́gba. Ariwo tí wọ́n máa ń pa nígbà yẹn, kò sí ìpolówó tó lè pa á. Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ wá owó tó sọnù rí, kò tún sí ohun tí mo fẹ́ máa ṣàlàyé fún un nípa ìwúlò ẹ̀kọ́ yìí. Ọjọ́ yẹn ni mo máa ń sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn á ṣí ní ọjọ́ 24, á tì ní ọjọ́ 2 Fẹ́búárì, kíláàsì á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní Fẹ́búárì. Owó oṣù á ti wọlé kó tó tì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iye. Ẹ̀dínwó ìdajì owó ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré lọ bá, n ò sì rò pé gbogbo èèyàn ló ti jókòó ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦30,000 ni kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lórí owó tó bá wọlé láti inú Nàìjíríà, Paystack, iléeṣẹ́ tó ń bá wa gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń yọ ìdá 1.5 nínú 100, á tún fi ₦100 kún un. ₦550 nìyẹn lórí ₦30,000, ó ku ₦29,450. Ká tún ní ìpolówó tó mú oníbàárà kan wá títí tó fi sanwó ná wa ní ₦6,000. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa lórí ẹnì kan jẹ́ ₦23,450. Tí a bá wá ta á ní ìdajì, ₦15,000, Paystack á yọ ₦325, ó ku ₦14,675. Owó ìpolówó kò mọ̀ pé a ti dín owó ọjà kù. ₦6,000 rẹ̀ kò yẹ̀, ohun tó kù á wá jẹ́ ₦8,675.

Èèyàn 10 tó san iye kíkún á mú ₦234,500 wá. Kí ọwọ́ wa tó sún mọ́ iye yẹn lórí ìdajì owó, a gbọ́dọ̀ rí èèyàn 27, ìyẹn náà á sì jẹ́ ₦234,225. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé iṣẹ́ àṣetiléwá èèyàn 27 la ó máa yẹ̀ wò lálẹ́ dípò ti èèyàn 10, ìbéèrè èèyàn 27 la ó máa dáhùn. Ẹ̀kọ́ oréfèé lásán ni wọ́n á rí gbà tí ẹ̀mí olùkọ́ bá ti pin. Ẹni tí kò sì ní ₦30,000 ní ọjọ́ 4 Jánúárì, bóyá ni ₦15,000 wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, owó iléèwé ọmọ ló fi í pamọ́ fún.

Sísan lẹ́ẹ̀mejì ni èmi gbà pé ó yẹ àwọn oníbàárà wa. ₦15,000 nígbà tí owó oṣù Jánúárì bá wọlé, ₦15,000 yòókù nígbà tí ti Fẹ́búárì bá wọlé. Paystack á yọ ₦325 lẹ́ẹ̀mejì, ₦650 lápapọ̀, ìyẹn ni pé ₦100 péré ló fi ju ti ẹni tó san án lẹ́ẹ̀kan lọ. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé owó kejì lè má wá. Ìdí nìyí tí mo fi to ẹ̀kọ́ náà pọ̀ mọ́ owó oṣù: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ dúró lórí owó kìíní, ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà dúró lórí owó kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi nǹkan. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ohun tó kọ́ ṣiṣẹ́, kó má baà dà bíi pé a ji owó rẹ̀ gbé.

Nípa aago tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn lójú ewé ìtajà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, kò fàyè gba kí olùtajà máa fi ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà pe oníbàárà. Òfin tiẹ̀ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn oníbàárà ti gbọ́n. Wọ́n á ṣí ojú ewé náà lórí fóònù ọ̀rẹ́ wọn, tí aago bá tún bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí 24, ó ti tán. Ìdí gidi wà tí ilẹ̀kùn mi fi ń tì ní ọjọ́ 2: kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì wọlé lọ́sẹ̀ kejì kò ní bá wọn mú un.

Àwọn tó fẹ́ yíṣẹ́ padà ni ọ̀rọ̀ wọn jẹ mí lọ́kàn jù. A máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tó kàn fẹ́ kọ́ nǹkan tuntun lọ́dún tuntun, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń wò yàtọ̀ síra. Ẹni tí ọdún tuntun ń gbóná lára rẹ̀ ń bi ara rẹ̀ pé ìgbà wo ni òun máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yíṣẹ́ padà ń ṣírò ohun tó máa pàdánù: ìgbéga tó ń retí, àkókò tó ń lò pẹ̀lú àwọn ọmọ, ojú tí àwọn ará ilé á fi wò ó tí kò bá bọ́ sí i. Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Òṣogbo fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn kíláàsì ọ̀fẹ́ kan. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn tó wà ní yàrá gbọ́.

"Ẹ ṣeun o, ọ̀gá. Ẹ má bínú, ìbéèrè mi lè pọ̀. Mo ti lé lógójì ọdún. Kò sí kọ̀ǹpútà nílé mi, àfi èyí tó wà ní ọ́fíìsì iléèwé wa. Ṣé tí n bá parí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, mo lè rí iṣẹ́ dátà tí wọ́n ń sọ yẹn?"

Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè sọ yín di ẹni tí iléeṣẹ́ ńlá á gbà fún iṣẹ́ dátà, mi ò ní parọ́ fún yín. Ohun tí ẹ máa lè ṣe ni pé ẹ ó lè gba ìwé owó iléèwé yín tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì yín, kí ẹ tò ó, kí ẹ rí àṣìṣe inú rẹ̀, kí ẹ sì fi àbọ̀ rẹ̀ han ọ̀gá lójú ewé kan. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ síí gba owó kékeré lórí ìyẹn láì fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀ ni: ìrọ̀lẹ́ méjì fún kíláàsì, wákàtí méjì fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ lè fi fóònù wo kíláàsì, àmọ́ iṣẹ́ àṣetiléwá nílò kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá lè gbà kí ẹ lo ti ọ́fíìsì lẹ́yìn tí iléèwé bá ti parí, ó ti tó. Tí wọn ò bá gbà, ẹ má sanwó ná."

Ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n gbà, ó sì san ìdajì àkọ́kọ́ nígbà tí owó rẹ̀ wọlé. Láti ìgbà náà ni ìdáhùn yẹn, pẹ̀lú "ẹ má fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ nítorí kọ́ọ̀sì mi", ti wà lójú ewé ìtajà mi ṣáájú bọ́tìnnì ìsanwó. Àwọn kan máa ń kà á, wọ́n á sì padà sẹ́yìn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá ka ìyẹn tó ṣì sanwó ló máa ń dúró dé ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní ìlú Ọba náà máa ń wọlé lóṣù yìí, pàápàá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí wọ́n fẹ́ bọ́ sí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Fún wọn, ẹ kọ aago méjèèjì sójú ìpolówó. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní Èkó jẹ́ aago méje ní Lọ́ńdọ̀nù ní Jánúárì àti Fẹ́búárì. Ṣùgbọ́n ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn nínú oṣù Máàṣì, wọ́n á sún aago tiwọn síwájú, méjèèjì á wá dọ́gba. Kọ́ọ̀sì tó bá wọnú oṣù náà kan òpin, tí a kò sì kìlọ̀, ọ̀pọ̀ wọn á fi wákàtí kan gbáko ṣáájú dé kíláàsì ìkẹyìn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí owó bá wọlé tún kù. Nígbà tí Harvard àti MIT gbé àbọ̀ ọdún kìíní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì jáde ní 2014, ìforúkọsílẹ̀ 841,687 ló wọlé, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n sì fún àwọn tó parí jẹ́ 43,196. Ọ̀fẹ́ ni tiwọn, tiwa jẹ́ ti owó, ṣùgbọ́n iná ọdún tuntun máa ń kú lára àwọn tiwa náà. Ibi tí mo ti ń rí i ni iṣẹ́ àṣetiléwá àkọ́kọ́. Ní alẹ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kìíní, mo máa ń to orúkọ àwọn tí kò tíì fi ránṣẹ́, mo sì máa ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tí ọ̀sẹ̀ kejì bá bá láì ṣe ti àkọ́kọ́ kì í sábà padà mọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ló há sí i lọ́rùn, a ó jọ ṣe é lórí fóònù. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tàbí àìsàn, orúkọ rẹ̀ á bọ́ sí kíláàsì oṣù Karùn-ún láì san kọ́bọ̀ lé e. Ẹni tó bá sì sọ pé òun kò fẹ́ mọ́, mo máa ń dá owó rẹ̀ padà lọ́sẹ̀ náà, n ò sì ní yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí mo máa pè sí kíláàsì ọ̀fẹ́ àfi tó bá ní kí n yọ ọ́.